Omi ìfọṣọ ni mò ń bu sí ebè ata: etí ewé ń jó, ilẹ̀ sì ti dì

Olóko Ẹ̀yìnkùlé

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Ẹ bá mi wo ọ̀rọ̀ yìí. Ó ti tó oṣù 3 báyìí tí òjò ti dá, omi tí a fi fọṣọ ni mo sì ń bu sí ebè ata àti tòmátò mi. Ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀ la ń fọṣọ, ọwọ́ la fi ń fọ̀ ọ́, ọṣẹ lẹ́búlẹ́bú la sì ń lò. Bọ́kẹ́ẹ̀tì kan ni ti ọṣẹ, bọ́kẹ́ẹ̀tì méjì ni a fi ń ṣan án. Gbogbo rẹ̀ ni mò ń dà síbẹ̀, n kò fi ẹ̀kán ṣòfò.

Ní oṣù àkọ́kọ́, ewé ata dúdú minimini, inú mi dùn. Nígbà tó yá, etí àwọn ewé ìsàlẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ, ó ń jó wọnú bọ̀ bíi bébà tí iná rà létí. Èyí tó tún wá ń bà mí lẹ́rù ni ilẹ̀ fúnra rẹ̀. Tí mo bá da omi sí i, omi á dúró sójú kan bí ẹni pé inú abọ́ ni mo dà á sí. Tó bá gbẹ, ojú ilẹ̀ á le koránkorán, á sì sán wẹ́wẹ́. Ebè kejì tí mò ń fi omi ẹ̀rọ bomi rin kò ṣe bẹ́ẹ̀. Ṣé omi ọṣẹ yìí ni, àbí àrùn ló mú ata?

Eérú-Lajílẹ̀

Ebi ló ń pa ata yẹn, ọ̀gá. Tí etí ewé ìsàlẹ̀ bá ń jó, pọtásíọ̀mù ni kò tó o. Ẹ gbọn eérú igi sí i dáadáa, ẹ ó rí i. Ọṣẹ kì í pa ata. Omi ọṣẹ lèmi ń fọ́n sára ewé láti fi pa iná ewé, kò sì ṣe ata mi ní nǹkan kan rí.

Awoyẹ̀pẹ̀

Eérú-Lajílẹ̀, ẹ ò jìnnà sí òótọ́, torí àìtó pọtásíọ̀mù náà máa ń jó etí ewé àgbà. Ewé nìkan kò lè fi ìyàtọ̀ hàn wá. Àmọ́ àìtó pọtásíọ̀mù kì í mú kí omi dúró lójú ilẹ̀. Tí ewé bá ń jó, tí ilẹ̀ sì kọ̀ tí kò mu omi mọ́, tó sì jẹ́ pé ebè tó ń mu omi ọṣẹ nìkan ló ń ṣe bẹ́ẹ̀, ojú mi ti kúrò lára ewé, ó ti wà nílẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì da eérú síbẹ̀. Omi ọṣẹ lẹ́búlẹ́bú ti fi agbára eérú, tó jẹ́ òdìkejì kíkan, kún ilẹ̀ yẹn bí omi eérú fúnra rẹ̀. Tí ẹ bá tún gbọn eérú lé e, ẹ fi kún un ni.

Ọṣẹ tí ẹ fi ń pa iná ewé yàtọ̀. Ọṣẹ díẹ̀ nínú omi púpọ̀ nìyẹn, ẹ̀ẹ̀kọ̀ọ̀kan lẹ sì ń fọ́n ọn.

Olóko, ẹ dá mi lóhùn mẹ́ta. Irú ilẹ̀ wo ni? Báwo ni ebè ṣe tóbi tó? Ọṣẹ mélòó lẹ ń dà sínú bọ́kẹ́ẹ̀tì? Ẹ tún sọ fún mi bóyá bílíìṣì ń wọ inú omi náà.

Olóko Ẹ̀yìnkùlé

Ilẹ̀ amọ̀ ni, sà. Tí mo bá fún un ní títutù, ó ń di ọ̀pá gígùn lọ́wọ́ mi, kì í já. Ebè náà gùn ní mítà 3, ó fẹ̀ ní mítà 2. Ọṣẹ tí à ń dà sí i tó ìdajì ife ńlá, màá fojú díwọ̀n rẹ̀ sí gíráàmù 100. Bílíìṣì ń wọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, tí aṣọ funfun bá wà níbẹ̀.

Arìnrìnàjò

Èmi ò lè jẹ ata tí wọ́n fi omi ṣálángá bomi rin o. Ẹ̀yin èèyàn yìí le.

Olóko Ẹ̀yìnkùlé

Ta ló dárúkọ ṣálángá? Omi tí a fi fọ aṣọ ni mo sọ. Ẹ padà lọ kà á.

Awoyẹ̀pẹ̀

Ó dáa, ẹ jẹ́ ká ṣírò díẹ̀. Kì í ṣe gbogbo ohun tó wà nínú ọṣẹ lẹ́búlẹ́bú ló ń fọ ìdọ̀tí. Èyí tó pọ̀ nínú páálí náà jẹ́ oríṣi iyọ̀ tí wọ́n fi ń mú kó pọ̀, kó sì dán lọ́wọ́, sódíọ̀mù ló sì wà nínú wọn. Ó yàtọ̀ láti páálí sí páálí, àmọ́ ẹ jẹ́ ká ní ìdá kan nínú márùn-ún jẹ́ sódíọ̀mù. Nínú gíráàmù 100, gíráàmù 20 nìyẹn. Ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ 12, ó di gíráàmù 480. Tí ẹnì kan bá fẹ́ fi iyọ̀ ọbẹ̀ kó sódíọ̀mù tó tó báyẹn jọ, iyọ̀ náà á lé ní kílò kan. Ẹ wò ó, ẹ ti gbọn iyọ̀ tó ju kílò kan lọ sórí ebè tí kò ju mítà 3 ní 2 lọ, láìmọ̀. Òjò kò sì sí tí yóò fọ̀ ọ́ lọ sísàlẹ̀.

Ohun méjì ni iyọ̀ yìí ń ṣe. Àkọ́kọ́, gbòǹgbò ń fa omi, iyọ̀ ń bá omi wọlé, ewé á mí omi jáde, iyọ̀ á kù sílẹ̀. Etí ewé ni omi ń parí ìrìn rẹ̀ sí, ibẹ̀ ni iyọ̀ ń kó jọ sí. Ìdí nìyẹn tí ó fi jẹ́ etí ló ń jó, tó sì jẹ́ ewé tó ti pẹ́ lórí igi ló ń kọ́kọ́ jó.

Ìkejì ni ti amọ̀, èyí gan-an ló sì burú jù. Ẹyọ amọ̀ kéré gan-an, ṣùgbọ́n nínú ilẹ̀ tó dára wọ́n ń di ara wọn mú wóróṣóṣó, ihò sì wà láàárín wọn tí omi àti afẹ́fẹ́ ń gbà kọjá. Kálísíọ̀mù ló dà bí okùn tó so wọ́n pọ̀. Tí sódíọ̀mù bá pọ̀ jù, á lé kálísíọ̀mù kúrò, kò sì lè so wọ́n bíi tirẹ̀. Wóróṣóṣó náà á tú, ẹyọ amọ̀ á léfòó nínú omi, wọ́n á lọ dí àwọn ihò yẹn pa. Omi tí ẹ rí tó dúró lójú ilẹ̀, ohun tó dá a dúró nìyẹn. Tó bá jẹ́ ilẹ̀ iyanrìn ni, ẹ kò ní rí ìkejì yìí rárá, ewé nìkan ló máa ké.

Ní ti bílíìṣì, òórùn rẹ̀ á lọ tó bá pẹ́ díẹ̀, ṣùgbọ́n iyọ̀ ló ń dà kẹ́yìn. Ó tún fi kún un ni.

Kí a tó náwó, ẹ dán nǹkan kan wò. Ẹ mú kúlúkúlú ilẹ̀ kékeré kan láti ojú ebè, kó tó èso ẹ̀wà kan. Ẹ jẹ́ kó gbẹ nínú ibòòji. Ẹ rọra gbé e sínú gíláàsì omi, ẹ má rò ó, ẹ má mì í. Ẹ wò ó lẹ́yìn ìṣẹ́jú 10, lẹ́yìn wákàtí 2, àti lọ́jọ́ kejì. Tí omi tó yí kúlúkúlú náà ká bá ṣú bíi pé ẹ kán wàrà sí i, sódíọ̀mù ti ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Tí kúlúkúlú bá kàn fọ́ sílẹ̀ ṣùgbọ́n tí omi mọ́ kedere, ìdọ̀tí ewé jíjẹrà ni ilẹ̀ náà ń fẹ́, kì í ṣe ọ̀rọ̀ iyọ̀.

Ìyá Ẹlẹ́wà

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ n fi tèmi kún un. Omi ilé ìdáná ni èmi ń lò, kì í ṣe ti aṣọ. Mo gbé ike ńlá kan sábẹ́ ibi tí à ń fọ abọ́, tó bá kún, lẹ́yìn ọjọ́ 3 tàbí 4, màá wá lọ dà á sí ìdí ìbẹ́pẹ. Òórùn tó ń jáde nínú ike yẹn, ẹnu ò gbà á. Èkúté ti mọ̀nà ìdí ìbẹ́pẹ. Ilẹ̀ ibẹ̀ ń dán, omi ń yọ̀ kúrò lórí rẹ̀ bí ẹni pé mo fi òróró pa á. Ṣé iyọ̀ náà ni tèmi?

Awoyẹ̀pẹ̀

Rárá, màmá, ọ̀rá ni tiyín. Ọ̀rá ló ń bo ojú ilẹ̀ tí omi fi ń yọ̀. Omi ilé ìdáná le ju omi aṣọ lọ nínú ọ̀rọ̀ yìí, débi pé òfin ìpínlẹ̀ Kalifóníà, tó gba àwọn èèyàn láyè láti darí omi ìfọṣọ sínú ọgbà, kò ka omi ibi ìfọbọ́ mọ́ ọn. Oúnjẹ inú rẹ̀ ni kòkòrò tín-tìn-tín ń jẹ. Wọ́n á lo gbogbo afẹ́fẹ́ inú ike náà tán ní kíákíá, lẹ́yìn náà irú èyí tí kò fẹ́ afẹ́fẹ́ á gbà á, òórùn ẹyin jíjẹrà á bẹ̀rẹ̀. Omi yìí kò gbọ́dọ̀ sun oorun méjì nínú ike. Ọjọ́ tí ẹ bá lò ó ni kí ẹ dà á.

Mo tilẹ̀ máa ya omi ilé ìdáná sọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Èyí tí ẹ fi ṣan ewébẹ̀ àti èso, òun ló dára jù nínú gbogbo ilé, ẹ bù ú síbi tó wù yín. Èyí tí ẹ fi fọ abọ́, ẹ kọ́kọ́ fi bébà tàbí ewé nu ọ̀rá kúrò lára ìkòkò, ẹ sẹ́ omi náà, kó tó lọ sídìí igi. Èyí tí ẹ fi ṣan ẹran tútù tàbí adìyẹ, ẹ dà á sí ibi tí omi ìdọ̀tí ilé ń lọ. Omi iyọ̀ tí ẹ fi bọ nǹkan náà, bẹ́ẹ̀ ni.

Ẹlẹ́rọ

Ìyá Ẹlẹ́wà, ẹ má da omi sórí ilẹ̀ gbalasa. Ẹ gbẹ́ kòtò róbótó yí ìbẹ́pẹ ká, ní ibi tí orí ewé rẹ̀ parí sí, kì í ṣe ní ẹsẹ̀ igi gan-an, torí ìbẹ́pẹ kò fẹ́ ẹsẹ̀ tútù, ó máa ń jẹrà. Kó jìn tó ìka ọwọ́ dé ọrùn ọwọ́. Ẹ wá fi igi wẹ́wẹ́ àti ewé gbígbẹ kún un. Abẹ́ rẹ̀ ni kí omi máa gbà. Ọ̀rá á lẹ̀ mọ́ igi wẹ́wẹ́, ekòló àti olú á jẹ ẹ́, ẹ ò ní rí omi dídúró tí ẹ̀fọn ń yé sí. Tí igi wẹ́wẹ́ bá ti jẹrà, ẹ kó o jáde, ẹ fi tuntun sí i. Èmi ń pààrọ̀ tèmi lọ́dọọdún.

Ẹ̀rọ ìfọṣọ ni èmi ń lò, páìpù rẹ̀ ni mo so mọ́ irú kòtò bẹ́ẹ̀ mẹ́ta lẹ́sẹ̀ ọsàn. Ẹ jẹ́ kí fáàfù olójú mẹ́ta wà lẹ́nu páìpù, kí ẹ lè yí omi padà sí ibi omi ìdọ̀tí lọ́jọ́ tí ẹ bá fọ nǹkan tí kò dáa, tàbí lọ́jọ́ òjò. Àṣìṣe tí mo ṣe rèé: mo fẹ́ kí ẹ̀rọ fúnra rẹ̀ ti omi gun òkè lọ sí ebè ẹ̀yìn. Kò pẹ́ tí pọ́ǹpù inú rẹ̀ fi kú. Sísàlẹ̀ ni kí ẹ jẹ́ kó máa ṣàn lọ. Mo tún fi asẹ́ sí ẹnu páìpù nígbà kan láti gba òwú aṣọ, ó dí, omi padà sínú ilé. Báyìí kò sí asẹ́, ihò páìpù fẹ̀, òwú ń lọ sínú igi wẹ́wẹ́.

Nọ́ọ̀sì Alẹ́

Mo ń ka gbogbo yín láti òkè, kò sẹ́ni tó dárúkọ ìlédìí ọmọ. Omi tí a fi fọ ìlédìí, aṣọ ẹni tó ń ṣu gbuuru, tàbí aṣọ tí ẹ̀jẹ̀ tàbí ìgbẹ́ wà lára rẹ̀, kì í ṣe omi ọgbà. Bí ọṣẹ ti wù kó pọ̀ nínú rẹ̀ tó, kòkòrò àrùn ń bẹ níbẹ̀. Omi aṣọ lásán náà ní díẹ̀, torí ara èèyàn ni aṣọ ti bọ́. Nítorí náà, ilẹ̀ ni kí ẹ máa bù ú sí, kì í ṣe ewé. Ẹ má fi ohun tó ń fọ́n omi bí òjò dà á. Ẹ má bù ú sí kárọ́ọ̀tì tàbí ohunkóhun tó ń sọ èso rẹ̀ sínú ilẹ̀, ẹ má sì bù ú sí ewébẹ̀ tí ẹ ń jẹ ní tútù. Ẹ wọ ìbọ̀wọ́, ẹ fọ ọwọ́. Tí kànga bá wà nítòsí, ẹ gbé omi náà jìnnà sí i.

Olóko Ẹ̀yìnkùlé

Ṣé tòmátò mi wá di ohun tí a kò lè jẹ ni?

Nọ́ọ̀sì Alẹ́

Ìlànà tèmi le. Tòmátò tó fara kan ilẹ̀ ni màá sè dáadáa, n kò ní jẹ ẹ́ ní tútù.

Ẹlẹ́rọ

Tó bá ti dúró lórí igi, tí omi ń lọ sábẹ́ ilẹ̀, èmi ń jẹ ẹ́ ní tútù. Mo fọ̀ ọ́, mo jẹ ẹ́.

Nọ́ọ̀sì Alẹ́

Òjò kan ṣoṣo tó bá ta ẹrẹ̀ sókè ti ba gbogbo rẹ̀ jẹ́. Tí ọmọ kékeré bá wà nílé, ẹ sè é.

Olóko Ẹ̀yìnkùlé

Mo ṣe ohun tí Awoyẹ̀pẹ̀ sọ. Kúlúkúlú náà fọ́ díẹ̀, ṣùgbọ́n omi mọ́ kedere títí di òwúrọ̀. Ṣé kì í ṣe sódíọ̀mù mọ́ nìyẹn?

Awoyẹ̀pẹ̀

Omi wo lẹ lò?

Olóko Ẹ̀yìnkùlé

Omi ẹ̀rọ, sà.

Awoyẹ̀pẹ̀

Ẹ̀bi mi ni, mi ò sọ ọ́. Omi ẹ̀rọ àti omi kànga sábà máa ń ní kálísíọ̀mù àti iyọ̀ mìíràn, ìyẹn sì lè di amọ̀ náà mú kó má tú, omi á mọ́, ẹ̀yin á rò pé àlàáfíà ni. Omi òjò ni kí ẹ lò, tàbí omi tí wọ́n sè tí wọ́n gba ooru rẹ̀ kó padà di omi, irú èyí tí wọ́n ń rọ sínú bátìrì. Ẹ mú kúlúkúlú kan láti ebè kejì náà, kí a rí ìyàtọ̀.

Olóko Ẹ̀yìnkùlé

Ẹ wo nǹkan! Mo rí omi bátìrì díẹ̀ tí kò tíì ní ásíìdì nínú. Ti ebè omi ọṣẹ, ìṣẹ́jú 10 kò pé tí ìkùukùu funfun ti yí i ká. Lọ́jọ́ kejì, n kò rí ìdí gíláàsì mọ́. Ti ebè kejì fọ́ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, omi mọ́.

Awoyẹ̀pẹ̀

Ó ti fi ara hàn. Jípúsọ́ọ̀mù lẹ máa wá, èyí tí wọ́n ń tà fún ilẹ̀. Ẹ má gba ẹfun tí wọ́n fi ń kun ilé o, wọ́n jọra lójú, ṣùgbọ́n ẹfun á tún fi agbára eérú kún ilẹ̀ ni. Kálísíọ̀mù inú jípúsọ́ọ̀mù ló máa lọ gba ipò rẹ̀ padà lára amọ̀, sódíọ̀mù á di ohun tí omi lè gbé lọ. Kílò kan fún mítà kan níbùú-lóròó, kílò 6 fún ebè yín. Ẹ wọ́n ọn sáàárín ata, ẹ fi ọkọ́ pò ó mọ́ ojú ilẹ̀ láìgé gbòǹgbò. Lẹ́yìn náà, omi tó mọ́ ni, díẹ̀díẹ̀, lọ́pọ̀ ìgbà. Tí ẹ ò bá fi omi fọ̀ ọ́ sísàlẹ̀, sódíọ̀mù tó kúrò lára amọ̀ kò rí ibi kankan lọ. Nítorí náà ẹ lànà fún omi lẹ́gbẹ̀ẹ́ ebè kó lè jáde. Kò yára o. Tí ẹ bá rí ìyàtọ̀ lẹ́yìn òjò bíi mélòó kan, ẹ ti ṣe dáadáa.

Ẹ tún wo ẹ̀yìn páálí ọṣẹ yín. Tí bórásì bá wà níbẹ̀, ìyẹn ọ̀ràn mìíràn ni. Bórọ́ọ̀nù inú rẹ̀ ń jó etí ewé bíi ti iyọ̀, jípúsọ́ọ̀mù kò sì ràn án. Omi púpọ̀ nìkan ló lè fọ̀ ọ́ lọ, ó sì ń lọ́ra ju iyọ̀ lọ.

Láti òní lọ, omi àkọ́kọ́ tí ọṣẹ pọ̀ nínú rẹ̀, ẹ dà á nù. Ìṣanṣọ kejì ni kó máa lọ sọ́gbà, òun ni ọṣẹ kéré jù nínú rẹ̀. Ẹ má jẹ́ kó jẹ́ ebè kan náà lójoojúmọ́, ẹ máa yí i ká, kí omi tó mọ́ máa wọlé láàárín.

Eérú-Lajílẹ̀

Ẹ gbọ́, ọṣẹ tí wọ́n fi omi eérú sè ńkọ́? Pọtásíọ̀mù ló wà nínú ìyẹn, kì í ṣe sódíọ̀mù. Ṣebí òun á dára?

Awoyẹ̀pẹ̀

Níbí, mo gbà fún yín. Ó sàn ju lẹ́búlẹ́bú lọ, àwọn ọṣẹ olómi kan náà ń lo pọtásíọ̀mù. Ata ń jẹ pọtásíọ̀mù. Àmọ́ ó ṣì ń fi agbára eérú kún ilẹ̀, nítorí náà ẹ má rò pé ẹ lè dà á bí omi òjò. Tí ewé ọ̀dọ̀mọdé orí igi bá ń pọ́n láàárín iṣan, tí iṣan fúnra rẹ̀ ṣì tutù yọ̀yọ̀, irin ni gbòǹgbò kò rí fà mọ́ nítorí agbára eérú yẹn. Ewé òkè ni ìyẹn ti ń bẹ̀rẹ̀, kì í ṣe ewé ìsàlẹ̀.

Ìyá Ẹlẹ́wà

Mo ti gbẹ́ kòtò, mo ti da ike yẹn nù. Èkúté ṣì ń wá wo ibẹ̀ lálẹ́, àmọ́ òórùn ti lọ. Ilẹ̀ tó ń dán yẹn ńkọ́, ṣé kí n hú u kúrò?

Ẹlẹ́rọ

Ẹ fi ọkọ́ dá a, ẹ fi ewé gbígbẹ bò ó, ẹ fi sílẹ̀. Ọ̀rá á jẹrà.

Olóko Ẹ̀yìnkùlé

Ẹ kú àdúrótì o. Ọ̀sẹ̀ 7 rèé. Mo fi jípúsọ́ọ̀mù sí i, òjò ńlá mẹ́rin sì ti rọ̀. Omi ń wọlẹ̀ báyìí níbi tó pọ̀ jù nínú ebè náà. Ewé tó ti jó kò padà bọ̀ sípò, ṣùgbọ́n èyí tó yọ tuntun mọ́ tónítóní. Mo tún dán kúlúkúlú wò, ìkùukùu ṣì wà, ó kàn tín-ín-rín. Igun kan tó lọ sísàlẹ̀, níbi tí mo ti máa ń da ìsàlẹ̀ bọ́kẹ́ẹ̀tì sí, omi ṣì ń dúró níbẹ̀, ata méjì sì ti kú. Ṣé kí n tún wọ́n jípúsọ́ọ̀mù sí ibẹ̀ nìkan?

Awoyẹ̀pẹ̀

Ẹ kọ́kọ́ gbẹ́ ojú ọ̀nà omi láti igun yẹn jáde. Tí omi bá ń lọ tán tí ìkùukùu ṣì pọ̀ nínú gíláàsì, ẹ fi ìdajì sí i. Bórásì ńkọ́, ṣé ẹ wo páálí náà?

Olóko Ẹ̀yìnkùlé

Ìyàwó mi ti fi páálí yẹn dáná. Màá wo tuntun tí a bá rà.